Ọdún méjì tó sọnù nínú fáìlì: lẹ́tà tíṣà kan sí àjọ pẹ́ńṣàn lórí owó àjẹsílẹ̀

Tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Màmá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1981 ni ìjọba gbà wọ́n síṣẹ́, ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 2016 ni wọ́n sì fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé ìwé. Ọdún 35 géérégé nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọdún 33 ni àjọ tó ń san owó ìfẹ̀yìntì fi ṣe ìṣirò tiwọn. Yàtọ̀ sí èyí, oṣù márùn-ún àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì lọ láìwọlé rárá. Màmá gbà kí n kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ kí ẹlòmíràn lè fi yẹ tirẹ̀ wò. Wọ́n ní kí n má dárúkọ àwọn, kí n má sì dárúkọ ìpínlẹ̀ tó ni àjọ náà. Ẹ̀ka ìṣirò owó ìjọba ìbílẹ̀ ni mo ti ṣiṣẹ́ kí èmi náà tó fẹ̀yìn tì, èmi sì ni akọ̀wé ẹ̀ka ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì ládùúgbò wa. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ pọ̀ tó ti kọjá lọ́wọ́ mi.

Abẹ́ ètò àtijọ́ ni Màmá wà, èyí tí ìjọba fúnra rẹ̀ ti ń san gíratúítì lẹ́ẹ̀kan, tó sì ń san pẹ́ńṣàn lóṣooṣù títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Kì í ṣe ètò àdáwópọ̀ tí òfin ọdún 2004 gbé dé, níbi tí òṣìṣẹ́ àti ìjọba ti jọ ń dá owó sínú àpò kan lóṣooṣù. Ẹni tó bá wà nínú ètò àdáwópọ̀, ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀.

Nínú ètò àtijọ́ yìí, ohun méjì ló ń pinnu iye téèyàn ń gbà: owó ọdún kan tó ń gbà nígbà tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́, àti iye ọdún tó fi sìn. Ẹni tó sin ọdún 10 ń gba ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó ọdún rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi pẹ́ńṣàn, gíratúítì rẹ̀ sì jẹ́ odindi owó ọdún kan. Ọdún kọ̀ọ̀kan tó bá fi lé e, ìdá 2 ló ń wọ orí pẹ́ńṣàn, ìdá 8 ló ń wọ orí gíratúítì, títí dé ọdún 35, níbi tí pẹ́ńṣàn ti ń di ìdá 80, tí gíratúítì sì ń di ìdá 300, ìyẹn owó ọdún mẹ́ta. Bó bá jẹ́ ọdún 33 lèèyàn fi sìn, ìdá 76 ni pẹ́ńṣàn rẹ̀, ìdá 284 ni gíratúítì rẹ̀. Ọdún méjì péré lójú ẹni tó ń kọ fáìlì, àmọ́ títí tí Màmá bá wà láyé ni ọdún méjì yẹn yóò máa bù nínú owó wọn.

Kò hàn sí wọn tètè. ₦76,000 ló ń wọlé fún wọn lóṣooṣù. Ọ̀rẹ́ wọn kan wà tí wọ́n jọ gba ìwé iṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà, tí wọ́n jọ dé ìpele kan náà, tí wọ́n sì jọ fẹ̀yìn tì lóṣù kan náà. ₦80,000 ni ti ọ̀rẹ́ wọn. Ọdún bíi mélòó kan ni Màmá fi rò pé owó ẹgbẹ́ tí wọ́n ń yọ ló fà á, bẹ́ẹ̀ owó ẹgbẹ́ kì í tó bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kí wọ́n máa yọ ọ́ lára ọ̀rẹ́ wọn náà. Ìgbà tí àwọn méjèèjì gbé ìwé báńkì wọn síwájú ara wọn ni wọ́n tó mọ̀ pé nǹkan ń bẹ níbẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ń san tiyín péye, ọ̀nà tó rọrùn jù nìyí: ẹ wá ẹni tí ọjọ́ iṣẹ́, ìpele àti ọjọ́ ìfẹ̀yìntì rẹ̀ bá tiyín dọ́gba, kí ẹ fi méjèèjì wéra. Tí kò bá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ mú owó oṣù tó wà lórí ìwé ìṣirò yín, ẹ fi ìdá tó bá iye ọdún yín mu ṣírò rẹ̀ wò.

Màmá kọ lẹ́tà kan kí wọ́n tó wá sọ́dọ̀ wa. Mo ka ẹ̀dà rẹ̀. Lẹ́tà tó ń dun ọkàn ni. Wọ́n kọ ọ́ pé àwọn ti fi agbára ìgbà èwe àwọn kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, pé ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ kò jẹ́ káwọn gbádùn, pé owó oògùn ti kọjá ohun tí apá ká, pé kí ọ̀gá àgbà wo àwọn bí ìyá tó bí i lọ́mọ. Ní ìparí, wọ́n ní kí wọ́n jọ̀ọ́, "kí ẹ san gbogbo owó mi tó wà lọ́wọ́ yín." Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, kò sí irọ́ kan níbẹ̀. Wọ́n tẹ òǹtẹ̀ lù ú ní ibi tí wọ́n ti ń gbàwé, wọ́n fún un ní nọ́ńbà, wọ́n sì fi í sínú fáìlì. Ibẹ̀ ló wà títí a fi kọ òmíràn.

Ó yẹ kí n sọ ìdí rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ wa ń rò pé ìkà ló fà á. Tí lẹ́tà bá dé ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀, ọ̀gá àgbà á kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á ní kí òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó pẹ́ńṣàn "wò ó kó sì ṣe ohun tó yẹ." Lẹ́tà á sọ̀kalẹ̀ dé orí tábìlì akọ̀wé tó ń ṣe ìṣirò. Ohun tí akọ̀wé yìí lè ṣe kò ju pé kó fi nọ́ńbà kan wé òmíràn. Lẹ́tà Màmá kò sọ oṣù tí kò wọlé, kò sọ iye tó kù, kò tọ́ka sí ibi tí ìṣirò ti ṣì. Akọ̀wé ṣí fáìlì, ó rí i pé ọdún 33 ló wà níbẹ̀, ó fi ìdá 76 ṣírò owó, ó bá a mu, kò sì rí ohun tó fẹ́ tún ṣe. Ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé kí wọ́n fi í pa mọ́ ná. Àìsàn Màmá kò sí nínú ohun tí akọ̀wé lè fi kọ fọ́ṣà, bó ti wù kó káàánú wọn tó.

Nítorí náà, kí a tó mú bírò rárá, ìwé ìṣirò ni mo kọ́kọ́ béèrè. Ojú ewé kan ni. Gbogbo ẹni tó fẹ̀yìn tì ló yẹ kó ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́, torí òun ló ń sọ bí wọ́n ṣe dé orí iye tí wọ́n ń san. Màmá ní in, inú báàgì tí wọ́n ń kó ìwé ẹ̀rí sí ló wà. Lórí rẹ̀: owó oṣù ìkẹyìn, ₦100,000, èyí tó bá ìwé owó oṣù Kẹjọ ọdún 2016 mu. Ọjọ́ ìfẹ̀yìntì, 31/8/2016, ó péye. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbà wọ́n síṣẹ́: 1/9/1983. Ibẹ̀ ni.

Kí ló dé tó jẹ́ 1983? Màmá mú ìwé kan jáde tí ọjọ́ náà wà lórí rẹ̀. Ìwé tí wọ́n fi fìdí iṣẹ́ wọn múlẹ̀ ni, èyí tí wọ́n máa ń fún òṣìṣẹ́ lẹ́yìn ọdún méjì tó ti wà nínú ìdánwò. Nígbà tí wọ́n ń da àkọsílẹ̀ iṣẹ́ Màmá kọ sínú ìwé tuntun, ìwé ìgbàsíṣẹ́ àkọ́kọ́ kò sí nínú fáìlì mọ́. Ìwé ìfìdímúlẹ̀ ló kù níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Màmá ṣì ní ìwé ìgbàsíṣẹ́ tiwọn lọ́wọ́. Akọ̀wé mú ọjọ́ tó rí lórí rẹ̀, ó kọ ọ́ síbi ọjọ́ ìgbàsíṣẹ́. Àsìkò tí wọ́n gba Màmá síṣẹ́, ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí àwọn ìjọba ẹgbẹ́ òṣèlú UPN bẹ̀rẹ̀ ní 1979 ṣì ń gbóná lọ́wọ́, tíṣà púpọ̀ ló ń wọṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ìwé sì ń ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn. Kò yà mí lẹ́nu pé ìwé kan sọnù níbẹ̀. Ohun tó dùn mí ni pé kò sẹ́ni tó ka ìlà kejì ìwé ìfìdímúlẹ̀ náà. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n fìdí iṣẹ́ Màmá múlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti wà lẹ́nu ìdánwò "láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1981." Ọdún ìdánwò jẹ́ ara ọdún iṣẹ́. Ìwé tí wọ́n fi ṣi ìṣirò gan-an ló ní ọjọ́ tó tọ́ nínú.

Ẹ̀rí kejì tún lágbára ju ìyẹn lọ. Lẹ́tà tí ìjọba fi gba ìfẹ̀yìntì Màmá sọ ọ́ ní kedere pé wọ́n ti pé ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni ọdún 57 ni Màmá lọ́dún 2016. Òfin ìgbà náà fún àwọn tíṣà tiwọn ni kí òṣìṣẹ́ lọ tó bá pé ẹni 60 ọdún tàbí tó bá pé ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Wọn kò tíì pé 60. Tó bá jẹ́ lóòótọ́ pé ọdún 33 ni wọ́n fi ṣiṣẹ́, kò sí ìdí tí ìjọba fi ní kí wọ́n máa lọ sílé. Ìjọba kan náà kò lè lo ọdún 35 láti fi dá wọn dúró, kó tún wá lo ọdún 33 láti fi sanwó fún wọn. Nígbà tí mo rí i, mo mọ̀ pé a ti ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní lè jiyàn lé lórí.

Ohun kan ṣì wà tó lè dá iṣẹ́ dúró lọ́dọ̀ ọ́dítọ̀: orúkọ. Ọmọge ni Màmá nígbà tí wọ́n wọṣẹ́. Orúkọ bàbá wọn ló wà lórí ìwé ìgbàsíṣẹ́ àti ìwé ìfìdímúlẹ̀, orúkọ ọkọ wọn ló wà lórí gbogbo ìwé tó tẹ̀lé e. Ọ́dítọ̀ tí kò mọ Màmá rí á wo orúkọ méjì, á dá fáìlì padà. Ọ̀pọ̀ ìyá tó jẹ́ tíṣà ni èyí ń bá. A ṣe ẹ̀dà ìwé ìgbéyàwó, a ṣe ẹ̀dà ìwé ìbúra ilé ẹjọ́ pé ẹnì kan náà ló ń jẹ́ orúkọ méjèèjì, a sì fi kún ẹ̀rí láìdúró kí wọ́n tó béèrè.

Lẹ́yìn èyí la wá ṣírò owó. Mẹ́ta ni ohun tí wọ́n jẹ Màmá, a kò sì da ẹyọ kan pọ̀ mọ́ èkejì, torí àpò tí wọ́n ti ń san wọ́n lè yàtọ̀, ẹ̀rí wọn náà sì yàtọ̀.

Àkọ́kọ́ ni oṣù márùn-ún tí kò wọlé, láti oṣù Kẹsàn-án 2016 títí dé oṣù Kìíní 2017. Oṣù Kejì 2017 ni orúkọ Màmá tó wọ ìwé owó pẹ́ńṣàn. Èyí wọ́pọ̀ gan-an: ọjọ́ kejì tí èèyàn fẹ̀yìn tì ni pẹ́ńṣàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, àmọ́ orúkọ kì í tètè wọlé, wọn kì í sì í rántí padà sẹ́yìn àfi tí èèyàn bá béèrè. Oṣù márùn-ún ní ₦80,000 jẹ́ ₦400,000. Ẹ̀rí rẹ̀ ni ìwé báńkì láti oṣù Kẹjọ 2016 títí dé oṣù Kejì 2017. A bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kẹjọ kí owó oṣù ìkẹyìn lè hàn níbẹ̀, kí ó sì hàn pé kò sí nǹkan kan tó wọlé lẹ́yìn rẹ̀ títí pẹ́ńṣàn àkọ́kọ́ fi dé. Ẹ̀rù tó ń ba ọ́dítọ̀ jù ni kó má lọ sanwó kan lẹ́ẹ̀mejì. Ìwé báńkì ló ń mú ẹ̀rù yẹn kúrò.

Èkejì ni ₦4,000 tó ń dín lóṣooṣù. Láti oṣù Kejì 2017 títí dé oṣù Kejì 2024, ìyẹn oṣù tó ṣáájú lẹ́tà wa, oṣù 85 ni, owó rẹ̀ sì jẹ́ ₦340,000. Ìṣirò yìí rọrùn fún Màmá torí kò sí àfikún kankan tó wọ orí pẹ́ńṣàn wọn láàárín ìgbà náà. Níbi tí ìjọba bá ti fi ìdá kan lé pẹ́ńṣàn, iye tó ń dín á pọ̀ sí i láti oṣù yẹn lọ, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ pín ìṣirò sí apá méjì: ti ìgbà tí àfikún kò tíì dé, àti ti ìgbà tó dé. Ẹni tó bá fi iye kan ṣoṣo ká gbogbo rẹ̀ á fi owó rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni gíratúítì. Owó ọdún Màmá jẹ́ ₦1,200,000. Ìdá 284 rẹ̀, ₦3,408,000, ni wọ́n san lọ́dún 2021. Ìdá 300 jẹ́ ₦3,600,000. Ó ku ₦192,000.

Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ ₦932,000. Èdè Gẹ̀ẹ́sì la fi tẹ lẹ́tà náà bí àwọn ọ́fíìsì ṣe ń fẹ́ ẹ, ojú ewé kan àti díẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ní èdè wa nìyí, orúkọ àti nọ́ńbà nìkan ni mo yọ:

"Ọjọ́ 4 oṣù Kẹta, 2024.

Sí Ọ̀gá Àgbà Àjọ náà.

Nọ́ńbà pẹ́ńṣàn mi: …

Ìbéèrè fún àtúnṣe iye ọdún iṣẹ́ mi láti 33 sí 35, àti fún sísan owó àjẹsílẹ̀ ₦932,000

Mo kí yín, Ọ̀gá. Tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án 1981 ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 2016 ni mo sì fẹ̀yìn tì lẹ́yìn tí mo pé ọdún 35.

Ìwé ìṣirò mi (Ẹ̀rí 1) fi ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án 1983 ṣe ọjọ́ ìgbàsíṣẹ́ mi. Ọjọ́ ìfìdímúlẹ̀ iṣẹ́ mi nìyẹn, kì í ṣe ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀. Ìwé ìgbàsíṣẹ́ mi (Ẹ̀rí 2) àti ìlà kejì ìwé ìfìdímúlẹ̀ mi (Ẹ̀rí 3) sọ pé 1981 ni. Lẹ́tà tí ìjọba fi gba ìfẹ̀yìntì mi (Ẹ̀rí 4) sọ pé ọdún 35 ni mo fi sìn. N kò tíì pé ẹni 60 ọdún nígbà náà, nítorí náà kò sí ìdí mìíràn tí mo fi fẹ̀yìn tì.

Nítorí àṣìṣe yìí, ìdá 76 ni wọ́n fi ṣírò pẹ́ńṣàn mi dípò 80, ìdá 284 ni wọ́n sì fi ṣírò gíratúítì mi dípò 300. Orúkọ mi kò sì wọ ìwé owó títí di oṣù Kejì 2017. Owó tó kù nìyí:

Pẹ́ńṣàn oṣù Kẹsàn-án 2016 sí oṣù Kìíní 2017, tí wọn kò san rárá: oṣù 5 ní ₦80,000, ₦400,000.

Ìyókù pẹ́ńṣàn oṣù Kejì 2017 sí oṣù Kejì 2024: oṣù 85 ní ₦4,000, ₦340,000. Iye yìí á máa lé ní ₦4,000 lóṣooṣù títí di oṣù tí ẹ bá tún un ṣe.

Ìyókù gíratúítì: ₦192,000.

Ìwé báńkì mi ni Ẹ̀rí 5. Orúkọ ọmọge mi ló wà lórí Ẹ̀rí 2 àti 3. Ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ìbúra mi ni Ẹ̀rí 6.

Mo bẹ̀ yín kí ẹ ṣe nǹkan mẹ́ta yìí: kí ẹ tún ọjọ́ ìgbàsíṣẹ́ mi kọ nínú àkọsílẹ̀ yín, kí ẹ gbé pẹ́ńṣàn mi sí ₦80,000 lóṣooṣù, kí ẹ sì san owó àjẹsílẹ̀ tí mo kọ sókè yìí. Abala 210 nínú òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 sọ pé kí ẹnikẹ́ni má dá ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì dúró, kí wọ́n má sì yí i padà sí ìpalára rẹ̀, àfi bí òfin bá fàyè gba á.

Tí ẹ bá rí i pé ìṣirò mi kò tọ́ níbì kan, inú mi á dùn kí ẹ kọ̀wé sí mi láti sọ ibẹ̀. Mo lè mú ojúlówó ìwé mi wá lọ́jọ́ tí ẹ bá pè mí.

Ẹ ṣeun, Ọ̀gá.

Ẹ̀dà: Ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀ka ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì."

Ọmọkùnrin Màmá bá wa jókòó nígbà tí a ń kọ ọ́, inú rẹ̀ kò sì dùn sí gbogbo ohun tí a fi sílẹ̀. Ó fẹ́ kí a bèèrè èlé orí owó náà. Mo ní rárá: àjọ náà kò ní agbára láti san èlé, ilé ẹjọ́ nìkan ló lè pàṣẹ bẹ́ẹ̀, tí a bá sì fi sí i, akọ̀wé á gbé gbogbo lẹ́tà lọ sọ́dọ̀ àwọn agbẹjọ́rò ìjọba, ibẹ̀ á sì wà títí. Ó tún fẹ́ kí a fi ti àfikún pẹ́ńṣàn sí i, torí abala 210 kan náà sọ pé kí wọ́n máa tún pẹ́ńṣàn yẹ̀ wò ní ọdún márùn-ún-márùn-ún tàbí nígbà tí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ bá yí padà, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Òótọ́ ni, ó sì ń dùn mí bó ti ń dùn ún. Ṣùgbọ́n ìjà gbogbo òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì nìyẹn, ẹgbẹ́ ló yẹ kó jà á lọ́dọ̀ gómìnà. Akọ̀wé àjọ kò lè fún ẹnì kan ní àfikún tí ìjọba kò tíì buwọ́ lù. Tí a bá da ohun tí akọ̀wé lè ṣe pọ̀ mọ́ ohun tí kò lè ṣe, èyí tí kò lè ṣe náà ló máa fi dá wa lóhùn.

Ọ̀rọ̀ àìsàn náà ńkọ́? Màmá ló béèrè èyí. Mo ní kí wọ́n pa á mọ́ fún ìgbà tí owó bá ti gba àṣẹ, tó wá ku kí wọ́n tò ó sí ipò. Nígbà míì, wọ́n máa ń gbé àwọn aláìsàn síwájú lórí ìlà àwọn tó ń dúró de owó, ìwé dókítà sì wúlò níbẹ̀. Nígbà tí a ṣì ń jà lórí bóyá ọdún 33 ni tàbí 35, kò wúlò.

A kò fi lẹ́tà ránṣẹ́ lọ́nà kankan tí kò ní ẹ̀rí. Màmá gbé e lọ fúnra wọn pẹ̀lú ẹ̀dà kejì, wọ́n sì rí i dájú pé òǹtẹ̀, ọjọ́ àti nọ́ńbà wọ orí ẹ̀dà tí wọ́n mú bọ̀ wálé. Láti ọjọ́ náà, nọ́ńbà yẹn ni wọ́n fi ń béèrè, kì í ṣe orúkọ wọn. Akọ̀wé tí ẹ bá sọ nọ́ńbà lẹ́tà fún mọ ibi tó máa wò. Ẹni tí ẹ bá ní kó bá yín wá "lẹ́tà tíṣà kan" kò mọ ibi tó máa bẹ̀rẹ̀.

Èsì àkọ́kọ́ kì í ṣe owó. Àjọ kọ̀wé pé kí Màmá mú ojúlówó ìwé ìgbàsíṣẹ́ wá kí wọ́n fojú rí i, wọ́n sì kọ̀wé sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ pé kí wọ́n fìdí ọjọ́ 1981 múlẹ̀. Inú Màmá bàjẹ́, wọ́n rò pé wọ́n ń fi àwọn ṣeré ni. Mo sọ fún wọn pé ìròyìn ayọ̀ ni: ẹni tí kò fẹ́ sanwó kì í béèrè ojúlówó. Wọ́n mú un lọ, wọ́n dúró tì í títí akọ̀wé fi wò ó tán tó sì buwọ́ lu ẹ̀dà, wọ́n sì gbà á padà lójú ẹsẹ̀. Ojúlówó ìwé kan ṣoṣo téèyàn ní kò gbọ́dọ̀ sùn ní ọ́fíìsì ẹnikẹ́ni. Bí ìwé ìgbàsíṣẹ́ àkọ́kọ́ ṣe kúrò nínú fáìlì lọ́jọ́sí nìyẹn, tí kì í bá ṣe pé Màmá tọ́jú tiwọn, ìwé ìfìdímúlẹ̀ nìkan là bá fi máa jà.

Ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ló dá wa dúró pẹ́ jù. Ẹ̀dà lẹ́tà tí a ti fi ránṣẹ́ sí wọn tẹ́lẹ̀ ló gbà wá, torí nígbà tí ìbéèrè àjọ dé, ohun tí wọ́n máa fi dáhùn ti wà lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn tí èsì wọn wọlé, wọ́n tún ìṣirò ṣe, ọ́dítọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì fọwọ́ sí i láìdá a padà. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 ni ₦80,000 kọ́kọ́ wọlé fún Màmá.

Gbólóhùn kékeré tó wà nínú lẹ́tà, pé iye náà á máa lé lóṣooṣù títí di oṣù àtúnṣe, ṣiṣẹ́ níbí. Àjọ kò dúró sí oṣù Kejì tí a ṣírò dé. Wọ́n ká a dé oṣù Kẹjọ, ó di oṣù 91, owó rẹ̀ sì di ₦364,000. Láìsí gbólóhùn yẹn, ₦24,000 ì bá ti sọnù, tàbí kí Màmá tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà mìíràn nítorí rẹ̀. Gbogbo owó tí wọ́n fọwọ́ sí jẹ́ ₦956,000.

Àmọ́ fífọwọ́ sí owó yàtọ̀ sí sísan án. Pẹ́ńṣàn oṣooṣù tètè yí padà torí inú ìwé owó tí wọ́n ń san lóṣooṣù ló wọ̀. Owó àjẹsílẹ̀ ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró de ìgbà tí ìjọba bá tú owó sílẹ̀ fún irú gbèsè bẹ́ẹ̀. Wọ́n san oṣù márùn-ún àti ìyókù pẹ́ńṣàn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ₦764,000. Ìyókù gíratúítì, ₦192,000, ṣì wà lórí ìlà, torí ìlà àwọn tó ń dúró de gíratúítì yàtọ̀, ó sì gùn. A ti fi ìwé dókítà kún fáìlì báyìí. Lẹ́tà kékeré la tún kọ tẹ̀lé e, ìlà mẹ́rin péré: nọ́ńbà ìwé tí wọ́n fi fọwọ́ sí owó náà, iye tí wọ́n ti san, iye tó kù, àti ìbéèrè kan pé kí wọ́n sọ ipò tí orúkọ Màmá wà lórí ìlà. Wọ́n ti tẹ òǹtẹ̀ lu èyí náà, Màmá sì ti fi ẹ̀dà rẹ̀ sínú báàgì ìwé ẹ̀rí wọn.